Sẹ́ńsọ̀ oníbátìrì nínú ilé ológiri nínípọn: rédíò wo ni kí n rà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ilé bàbá àgbà wa ní Pópó Àgùdà, ní Èkó, là ń gbé. Yàrá márùn-ún péré ni, ṣùgbọ́n ògiri rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Mo fẹ́ fi sẹ́ńsọ̀ oníbátìrì sí fírísà tí ìyá mi ń kó ẹja títà sí ní ilé ìdáná lẹ́yìn, sí táǹkì omi, àti sí yàrá àárín. Ráútà wà ní pálọ̀, òun àti fáànù nìkan ni ínfátà wa ń gbé. Mo fi fóònù wọn Wáìfáì rẹ̀: −42 dBm ní pálọ̀, −66 ní yàrá àárín, −86 ní ilé ìdáná. Àwọn tó ń tajà n'Íkẹjà ní sẹ́ńsọ̀ tó ń fi rédíò Zigbee sọ̀rọ̀ ni kí n rà. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì rà á. LoRa, rédíò tí wọ́n ṣe láti fi agbára díẹ̀ sọ̀rọ̀ dé ọ̀nà jíjìn, ni mo máa ní kí ẹ rà. Zigbee dára, mo sì ń fi í sí ilé àwọn oníbàárà mi, ṣùgbọ́n nínú ilé tiyín, Nẹ́pà ni yóò kọ́kọ́ dá a dúró kí ògiri tó dá a dúró.

Sẹ́ńsọ̀ oníbátìrì kì í bá ẹlòmíràn jíṣẹ́. Oorun ló ń sùn lọ́pọ̀ ìgbà kí bátìrì rẹ̀ lè pẹ́. Á jí, á sọ tirẹ̀, á tún sùn. Nítorí náà, tí Zigbee bá fẹ́ la ògiri nínípọn kọjá, ó nílò alárinà: púlọ́ọ̀gì tàbí gílóòbù tí a ki bọ iná, tí kì í sùn, tó ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ sẹ́ńsọ̀ yàrá kan tó sì ń fi í ránṣẹ́ sí yàrá kejì. Ara alárinà tí ohùn rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ dáadáa jù lọ ni sẹ́ńsọ̀ sábà máa ń so mọ́. Bí Nẹ́pà bá mú iná lọ, alárinà kú, sẹ́ńsọ̀ tó so mọ́ ọn á sì dákẹ́. Ẹ wá wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún ẹja ìyá yín: ìgbà tí iná lọ ni fírísà bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ìgbà yẹn gan-an sì ni sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ò ní lè sọ̀rọ̀. Thread náà, tí wọ́n ń tà báyìí pẹ̀lú orúkọ Matter lára páálí rẹ̀, irú alárinà bẹ́ẹ̀ ló gbára lé.

Ìyọnu rẹ̀ kì í tán nígbà tí iná bá dé. Sẹ́ńsọ̀ tí alárinà rẹ̀ kú á máa wá ẹlòmíràn tí yóò so mọ́, wíwá yẹn sì ń jẹ bátìrì. Àwọn kan nínú wọn, pàápàá èyí tí owó rẹ̀ kéré, kì í padà wá fúnra wọn mọ́ àfi kí èèyàn lọ tẹ bọ́tìnnì ara wọn. Ẹni tó bá ti ń lo Zigbee2MQTT, ètò kọ̀ǹpútà tó ń gba ọ̀rọ̀ sẹ́ńsọ̀ Zigbee jọ, lè rí i kedere: kí ó tan `last_seen` nínú ètò rẹ̀, kí ó sì wo ìlà `Last seen` ti sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn ilé bá dákẹ́ ní àsìkò kan náà tí iná lọ, tí ti pálọ̀ sì ń sọ̀rọ̀ lọ, alárinà ló kú. Bátìrì wọn ò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan.

Ohun tí ilé yín ń fẹ́ ni rédíò tó lè fò láti ilé ìdáná dé pálọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìsí alárinà. Àwọn nọ́ńbà tí ẹ kọ ránṣẹ́ ló jẹ́ kí n lè bá yín ṣírò rẹ̀. Bí nọ́ńbà dBm bá ṣe ń jìn sí òdo nísàlẹ̀ ni agbára ń dín kù, gbogbo 10 tó bá sì lọ sílẹ̀, agbára tó kù ti di ìdá kan nínú mẹ́wàá.

Ráútà Wáìfáì sábà máa ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú nǹkan bí 20 dBm. Ẹ rí −86 rẹ̀ ní ilé ìdáná. Sẹ́ńsọ̀ Zigbee kékeré kò lágbára bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fún un ní 5 dBm. Ìyẹn fi 15 dín sí ti ráútà, orí ìgbì 2.4 GHz kan náà ni àwọn méjèèjì sì wà, nítorí náà ohùn rẹ̀ á dé pálọ̀ ní nǹkan bí −101. Olùgbà Zigbee tó dára ń gbọ́ràn dé nǹkan bí −100. Etí bèbè nìyẹn. Lọ́jọ́ kan ẹ ó gbọ́ ọ, lọ́jọ́ kejì ẹnìkan á dúró sí ẹnu ọ̀nà, ẹ ò ní gbọ́ ọ mọ́. Láti yàrá àárín, −81 ló máa jẹ́, ìyẹn kò burú. Ilé ìdáná nìkan ni yóò ní dandan kó ní alárinà, ibẹ̀ gan-an sì ni ínfátà yín kò dé.

Ẹ wá fi LoRa orí 868 MHz ṣe ìṣirò kan náà. Tí ẹ bá fún un ní 13 dBm, ó fi 7 dín sí ráútà. Ṣùgbọ́n ìgbì rẹ̀ gùn ju ti Wáìfáì lọ, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 35 sí 12.5, ẹ̀ríálì tó bá a mu tóbi jù, ó sì ń gbá agbára jọ jù. Èrè ìyẹn tó nǹkan bí 9, kí a tó sọ pé ògiri kì í sábà dí ìgbì gígùn tó bó ṣe ń dí èyí tó kúrú. −86, ẹ yọ 7, ẹ fi 9 kún un: −84. Olùgbà LoRa, lórí ètò rẹ̀ tó yára jù nínú èyí tí a sábà ń lò, ń gbọ́ràn dé nǹkan bí −123. Ó ṣẹ́ kù 39 lọ́wọ́ yín.

Ẹ máa nílò 39 yẹn. Ògiri amọ̀ àtijọ́ ní Èkó máa ń fa omi, omi sì ń gbé ìgbì rédíò mì. Nọ́ńbà tí ẹ wọn nínú ọ̀gbẹlẹ̀ lè má dúró bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹfà. Tí ó bá ṣeé ṣe, ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn òjò ńlá.

Ní ti bátìrì, ẹlòmíràn lè ní kí ẹ kúkú lo Wáìfáì, níwọ̀n bí ráútà ti wà lórí ínfátà. Gbogbo ìgbà tí sẹ́ńsọ̀ Wáìfáì bá jí ló gbọ́dọ̀ wọlé sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kó tó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ká ní ó gbà á ní ìṣẹ́jú àáyá 3 lórí 80 mA, bátìrì ti ná 240 nínú ìdíwọ̀n tí a fi mA lọ́nà ìṣẹ́jú àáyá ṣe. LoRa kì í wọlé síbì kankan. Ọ̀rọ̀ tó gùn ní báìtì 10 ń gbà á ní nǹkan bí ìdá 41 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Kódà tí a bá ṣírò rẹ̀ ní 60 mA, kò tó 3. Ní −86, Wáìfáì yín á tún máa kùnà wọlé, á máa gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, 240 yẹn á sì di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta.

Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́jà, ẹ béèrè rédíò SX1276 tàbí RFM95W, kí ẹ sì rí i pé 868 ni wọ́n kọ sí i lára. Ẹ má gba èyí tí wọ́n kọ 915 sí, bó ti wù kó rọjú tó. Ti Amẹ́ríkà ni. Ó ń lo 902 sí 928 MHz, nígbà tó jẹ́ pé 890 sí 915 ni fóònù ń gbà bá òpó GSM 900 sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìdí kan náà ni mi ò fi ní kí ẹ ra Z-Wave tí ẹnìkan bá kó ti Amẹ́ríkà bọ̀, nítorí 908.42 MHz ni tirẹ̀. Ẹ̀ríálì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti 868, kí ẹ má sì tan rédíò náà láéláé láìkì í bọ̀ ọ́, ó lè jó.

Tí ẹ bá ti fi `LoRa.setPins` sọ pínnì tí ẹ so rédíò mọ́, ètò tí ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ nínú Arduino kò ju èyí lọ:

```
LoRa.begin(868100000);
LoRa.setTxPower(13);
LoRa.setSpreadingFactor(7);
LoRa.enableCrc();
```

Ìlà kẹta ni àwọn èèyàn sábà máa ń sọ di 12 nítorí wọ́n gbọ́ pé 12 ń lọ jìnnà. Òótọ́ ni, ó ń lọ jìnnà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ báìtì 10 kan náà á gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan gbáko. Bátìrì á ná ju ìlọ́po ogún lọ, àwọn sẹ́ńsọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì máa sọ̀rọ̀ lé ara wọn lórí. Pẹ̀lú 39 tó ṣẹ́ kù, ẹ ò nílò rẹ̀. Ẹ fi í sí 7, àfi bí ọ̀rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù.

Fírísà irin ni, irin kì í sì í jẹ́ kí ìgbì jáde. Ẹ fi rédíò àti bátìrì sí òde, lára ògiri, ní nǹkan bí ìgbọ̀nwọ́ kan sí ara fírísà, kí ẹ ju okùn DS18B20 tó ń wọn òtútù nìkan wọ inú láti ẹ̀gbẹ́ rọ́bà ìlẹ̀kùn. Ìyẹn á ṣe bátìrì náà lóore, torí òtútù fírísà ń dín agbára bátìrì kù. Bátìrì AA ni kí ẹ lò fún sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan. CR2032 pẹlẹbẹ yẹn kò lè fún rédíò ní agbára tó ń fẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Fólítì rẹ̀ á já, rédíò á sì kú kó tó sọ̀rọ̀ tán.

Olùgbà, ìyẹn bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré ESP32 pẹ̀lú irú rédíò kan náà, kì í sùn, nítorí náà orí ínfátà pálọ̀ ni kó wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà. Tí ínfátà bá máa ń kú lóru, ẹ ra yúpíẹ́ẹ̀sì kékeré tí wọ́n ń tà fún ráútà. Bánkì tí a fi ń gba fóònù lágbára kì í ṣe é dáadáa, nítorí púpọ̀ nínú wọn máa ń gé iná díẹ̀ nígbà tí Nẹ́pà bá dé tàbí lọ, olùgbà á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

LoRa lásán yìí ní àléébù méjì tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Àkọ́kọ́, sẹ́ńsọ̀ ń sọ̀rọ̀ láìmọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni gbọ́. Ẹ jẹ́ kó máa ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní 1, 2, 3 lọ, kí ó sì máa rán an níṣẹ́jú 15-15 pẹ̀lú ìyàtọ̀ ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí kò dọ́gba, kí méjì má baà máa pàdé lójoojúmọ́. Bí olùgbà bá rí 41 tí 43 tẹ̀lé e, ọ̀kan ti sọnù. Tí ó bá ń sọnù ju ọ̀kan nínú ogún lọ, ẹ kọ́kọ́ gbé ẹ̀ríálì náro kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin kí ẹ tó fọwọ́ kan ètò. Fún fírísà, ẹ tún jẹ́ kí olùgbà pariwo sí fóònù yín tí kò bá gbọ́ nǹkankan fún ìṣẹ́jú 45, nítorí bátìrì tó kú àti ẹja tó ń yọ́ jọ ara wọn tí sẹ́ńsọ̀ bá dákẹ́.

Èkejì, aládùúgbò tó ní irú rédíò yẹn lè gbọ́ ohun tí sẹ́ńsọ̀ yín ń sọ. Kò sí ìpalára nínú kó mọ bí fírísà ṣe tutù tó. Ẹ má ṣe fi í ṣọ́ ilẹ̀kùn títí ẹ ó fi fi AES, ọ̀nà tí a fi ń sọ ọ̀rọ̀ di àṣírí, dì í.

Tí ẹ bá wá fa wáyà ínfátà dé sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn lọ́jọ́ iwájú, ẹ lè tún Zigbee rò. Púlọ́ọ̀gì kan níbẹ̀ á gbé ọ̀rọ̀ ilé ìdáná dé pálọ̀ tọ̀sán-tòru, ẹ ó sì bọ́ lọ́wọ́ síso wáyà rédíò fúnra yín.