Àmì àjèjì nínú áàpù wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta

"Àǹtí, ẹ ní áàpù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbé àmì àjèjì jáde. Irú èwo, níbo gan-an?"

Àbúrò, o kú iṣẹ́. Nínú áàpù ọjà, gààrí ₦500 ń hàn bíi â‚¦500. Nínú ti ìfiránṣẹ́, Ìlọrin di ÃŒlá»rin. Àìsàn kan náà ni: UTF-8 la fi kọ ọ́, Windows-1252 la fi ń kà á. Má fọwọ́ pa àmì wọ̀nyẹn rẹ́ o. Ọ̀rọ̀ náà ṣì pé lábẹ́ wọn. Tún bí a ṣe ń kà á ṣe, yóò bọ̀ sípò.

Ti rìsíìtì ló ń dùn mí. Ìl?rin ló ń tẹ̀ jáde, ? náà ni mo sì bá nínú dátábéèsì. Lẹ́tà yẹn ti sọnù nígbà ìfipamọ́. Kọ́kọ́ yí kọ́lọ́ọ̀mù sí `utf8mb4`, kí a tó tún àdírẹ́sì àwọn oníbàárà tẹ̀.