Ẹ Má Ṣe Dí Ẹnu Fáàfù Híítà Omi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ní àràárọ̀ tí a bá tan híítà omi wa (lítà 50, wáàtì 1500), fáàfù kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀ máa ń kán omi sílẹ̀. Táǹkì orí òpó la fi ń fa omi. Púlọ́ńbà ní òun fẹ́ dí ẹnu rẹ̀ pa. Ṣé kí n gbà fún un? Ibo ló sì yẹ kí n yí tẹmósítáàtì sí, nítorí a ní ọmọ ọdún méjì nílé?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ẹ má ṣe gbà fún un rárá, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fáàfù náà fún ló ń ṣe. Bí omi bá ń gbóná, ó máa ń fẹ̀: lítà 50 tó gbóná láti 25°C dé 60°C yóò fẹ̀ ní nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá lítà kan, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ìgò omi ọlọ́sẹ́ńtílítà 75. Inú fáàfù kan náà ni ìdérí kékeré kan wà tí kì í jẹ́ kí omi gbígbóná padà sínú páìpù omi tútù, nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣí ẹ̀rọ omi, ẹnu tó ń kán yẹn nìkan ni àlékún náà lè gbà jáde.

Ẹ gbé ìgò sábẹ́ rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan kí ẹ wò ó. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí híítà ń gbóná nìkan ló ń kán, tí omi náà kò sì ju ìgò kan lọ, kò sí nǹkan tó ṣe é. Bí ó bá ṣì ń kán lẹ́yìn tí ẹ ti pa iná tí omi sì ti tutù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìdọ̀tí ló há sí i lẹ́nu. Kì í ṣe agbára omi táǹkì yín ló ń ṣí i, nítorí ọ̀pọ̀ irú fáàfù yìí kì í ṣí títí ìfúnpá yóò fi dé nǹkan bí báà 8, bẹ́ẹ̀ táǹkì tó fi mítà 6 ga ju híítà lọ kò lè fún omi ní báà kan pàápàá. Nígbà tí omi bá tutù, ẹ gbé ọwọ́ kékeré tó wà lára fáàfù náà sókè, kí omi tú jáde fọ ìdọ̀tí náà, kí ẹ sì dá a padà. Bí kò bá dáwọ́ dúró, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí wọ́n kọ iye báà kan náà sí lára. Bí ẹ bá sì gbé e sókè tí omi kò jáde rárá, ó ti dì nìyẹn. Ẹ má ṣe tan híítà títí ẹ ó fi pààrọ̀ rẹ̀.

Ohun tó bà mí lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ púlọ́ńbà yẹn ni ọjọ́ tí tẹmósítáàtì bá kọ̀ láti pa iná. Omi tí a dé mọ́nú lè kọjá 100°C láìhó, nítorí ìfúnpá ń dá a dúró. Bí táǹkì inú híítà bá wá ya, omi yẹn yóò di ooru lójijì, lítà kan omi sì lè di ju ẹgbẹ̀rún lítà ooru lọ. Ògiri ilé kì í sábà dúró dè é. Ẹ lè fi iná ara híítà mọ̀ ọ́n: tiyín yẹ kó gbóná dé 60°C láàárín nǹkan bí wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú, àfi bí iná bá rọlẹ̀. Bí gílóòbù rẹ̀ bá ṣì ń tàn lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò lo omi, tàbí tí ooru ń tú jáde lẹ́nu fáàfù, ẹ pa iná rẹ̀ níbi súwíìṣì ara ògiri, ẹ má ṣe ṣí fáàfù náà, kí ẹ jẹ́ kí híítà tutù fúnra rẹ̀ kí ẹ tó pe oníná.

Ní ti tẹmósítáàtì, 60°C ni kí ẹ yí i sí. Omi tó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, láàárín 20°C sí 45°C, ni kòkòrò Lẹjiọnẹ́là, tó ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró, ti ń pọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ tẹmósítáàtì kò ní nọ́ńbà lára, nítorí náà, lẹ́yìn tí gílóòbù bá kú, ẹ jẹ́ kí omi gbígbóná ṣàn fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wá fi tẹmómítà ilé ìdáná wọn ọ́n.

Ṣùgbọ́n 60°C lè bó àgbàlagbà láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, awọ ọmọdé sì tún fẹ́lẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ ní kí wọ́n so fáàfù tó ń po omi gbígbóná mọ́ tútù sí páìpù ilé ìwẹ̀. Títí ẹ ó fi rà á, abọ́ méjì omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ dà sínú bákẹ́ẹ̀tì ọmọ, kí ẹ tó da abọ́ kan gbígbóná lé e. Bí omi tútù yín bá jẹ́ 26°C, àpapọ̀ wọn yóò wà ní nǹkan bí 37°C. Ẹ rò ó pọ̀ dáadáa, kí ẹ sì fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọ wò kí ọmọ tó wọ inú rẹ̀.

Bí omi bá bó ọmọ, ẹ bọ́ aṣọ ibẹ̀ kúrò àfi èyí tó bá lẹ̀ mọ́ awọ, ẹ fi omi tútù tó ń ṣàn sí ojú ibẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ má ṣe fi ẹyin tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.