Omi Ń Jò Nídìí Tọ́ílẹ́ẹ̀tì: Ṣé Ìda Ni, Bóòtì Ni, àbí Àwo Ló Sán?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Omi ń sun nídìí tọ́ílẹ́ẹ̀tì wa níhìn-ín ní Húsítìn. Ẹnì kan ní kí n fún bóòtì rẹ̀, ẹlòmíì ní àwo ló sán. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?

Ìdáhùn: Má tíì fọwọ́ kan sípánà, àbúrò mi. Ìgbà tí omi náà ń jáde ló máa tú àṣírí rẹ̀.

Nu ilẹ̀ gbẹ. Kán àwọ̀ tí wọ́n fi ń kun kéèkì sínú omi tó dúró nínú àwo, kí o sì to tiṣù funfun yí ìdí rẹ̀ ká. Kí ẹnikẹ́ni má lò ó fún wákàtí méjì. Bí tiṣù bá mu àwọ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kankan fi omi ṣan tọ́ílẹ́ẹ̀tì, àwo ló sán. Kò sí àtè tó máa lẹ̀ ẹ́ pẹ́. Tuntun ni kí o rà. Bí tiṣù bá tutù láìní àwọ̀, òkè ni omi ti ń wá: ó lè jẹ́ táńkì, ó lè jẹ́ rọ́bà tó gbé omi wọ inú rẹ̀.

Bí tiṣù bá gbẹ, fi omi ṣan tọ́ílẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bó bá jẹ́ ìgbà yẹn ni omi yọ, òrùka ìda tó wà láàárín ìdí àwo àti ẹnu páìpù ilẹ̀ ni kí o fura sí. Lóòótọ́, àwo tó sán lábẹ́, níbi tí ìgbẹ́ ń gbà jáde, lè ṣe bákan náà, àmọ́ ìgbà tí o bá gbé e nìkan lo máa rí i.

Wá mú etí àwo, kí o tì í síwá sẹ́yìn. Bó bá ń mì, bóòtì ti tú. Yí nọ́ọ̀tì kan díẹ̀, bọ́ sí èkejì, kí o sì padà. Bó bá ti le, dúró níbẹ̀, torí fífún un ju bó ṣe yẹ lọ ló ń la tánganran. Ṣùgbọ́n ìda kì í ṣe rọ́bà: bó bá ti tẹ̀, kì í wú padà. Àwo tó ti ń mì tipẹ́ ti ya ìda sílẹ̀, bóòtì ò sì lè dí àlàfo yẹn.

Mo ṣe irú rẹ̀ fún ìyá kan. Ọkọ rẹ̀ fún bóòtì, omi dá fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo gbé àwo, ìda fara kan ìdí rẹ̀ lápá kan péré. Wọ́n ti to táìlì tuntun lé ti àtijọ́, ẹnu páìpù wá rì sísàlẹ̀. Òrùka tó nípọn ni mo lò. Mo fi àkísà dí páìpù kí òórùn má baà gòkè, mo ha ìda àtijọ́ kúrò pátá, mo yọ àkísà, mo sì gbé àwo kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìgbé e padà. Bí o bá gbé e sókè lẹ́yìn tí ìda ti tẹ̀, òrùka mìíràn ni kí o lò.

Bí pákó ilẹ̀ bá rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ, pe púlọ́ńbà kí o tó gbé ohunkóhun.