Ẹnì kan, ìlà kan: bí mo ṣe ń to àlejò sí tábìlì ìgbéyàwó

*"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èmi ni wọ́n ní kí n ṣètò tábìlì fún àlejò bíi 200. Àwọn kan ò gbọdọ̀ jẹ edé tàbí ẹ̀pà, àwọn ẹbí kan sì ní dandan ni káwọn jókòó pọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti tún un kọ sínú ìwé, ó ṣì ń dàrú. Báwo lẹ ṣe ṣe tiyín?"*

Ẹ kú làálàá. Tábìlì tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ló ń dà á rú. Èmi náà fi í bẹ̀rẹ̀ nígbà ìgbéyàwó àbúrò mi obìnrin n'Íbàdàn. Mo mú ìwé kan, mo kọ Tábìlì 1 títí dé 26, mo wá ń to orúkọ sábẹ́ wọn. Ẹ̀gbẹ́ Tábìlì 7 ni mo kọ ọ́ sí pé "ẹnì kan ò gbọdọ̀ jẹ edé". Ìyàwó ilé wa kan lẹni náà. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, ìyá ọkọ rẹ̀ ní kó wá jókòó ti òun ní Tábìlì 12. Mo fagi lé orúkọ rẹ̀, mo kọ ọ́ sí 12, ṣùgbọ́n mi ò gbé ọ̀rọ̀ edé tẹ̀lé e.

Lọ́jọ́ ìnáwó, àwọn alásè ti se mọ́ínmọ́ín tí kò ní edé lọ́tọ̀, wọ́n so òwú pupa mọ́ ewé rẹ̀. Tábìlì 7 ni wọ́n gbé e lọ, torí ohun tí ìwé mi wí nìyẹn. Èyí tí gbogbo ayé ń jẹ ló dé iwájú rẹ̀ ní 12. Bí wọ́n bá ti lọ edé mọ́ ẹ̀wà, ojú ò lè rí i mọ́. Kò tíì jẹ ẹ́ dé ìdajì tí ètè rẹ̀ fi ń wú, tó ń họ ọrùn, tí ohùn rẹ̀ sì ń há. A sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Títí di òní, bí mo bá rí òwú pupa, ojú rẹ̀ ni mo ń rí.

Látìgbà náà, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń ní ìlà tirẹ̀, ọ̀rọ̀ oúnjẹ rẹ̀ sì wà lórí ìlà náà pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Tábìlì kàn jẹ́ nọ́ńbà kan lórí ìlà yẹn ni. Bí ẹ bá sún ẹni náà láti 7 sí 12, nọ́ńbà nìkan ló yí padà, edé rẹ̀ bá a lọ. Ẹ má kọ "Ìyá Ṣọlá àti ọmọ 3" sórí ìlà kan. Ìlà 4 nìyẹn, torí ọmọ kan nínú wọn lè jẹ́ ẹni tí kò gbọdọ̀ fẹnu kan ẹ̀pà.

Google Sheets ni mo ń lò báyìí lórí fóònù. Òpó A ni orúkọ, B ni ìdílé, C ni ẹni tí kò gbọdọ̀ bá a jókòó, D ni oúnjẹ, E ni tábìlì. Ìgbéyàwó tí mo ṣètò gbẹ̀yìn, èèyàn 216 ni a pè, nítorí náà orúkọ wọn wà láti ìlà 2 dé ìlà 217. Mo to nọ́ńbà àwọn tábìlì sí òpó J, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo kọ èyí sí, kí n lè máa rí iye ènìyàn tó ti wà níbẹ̀ àti iye tí kò gbọdọ̀ jẹ edé:

```
=COUNTIF($E$2:$E$217,J2)
=COUNTIFS($E$2:$E$217,J2,$D$2:$D$217,"*ede*")
```

Ẹ kọ "ede" lọ́nà kan ṣoṣo látòkè délẹ̀. Bí ẹ bá fi àmì sí òmíràn, ó lè má bá a kà á. Bí ẹ bá sì fẹ́ to orúkọ ní a-b-d, gbogbo òpó ni kí ẹ mú pọ̀ kí ẹ tó tò ó. Ẹnì kan bá mi to òpó orúkọ nìkan lọ́jọ́ kan, gbogbo oúnjẹ bá di ti ẹlòmíràn. Ohun tó jẹ́ kí n tètè mọ̀ ni pé oúnjẹ ọmọ ọdún 4 ló bọ́ sórí ìlà Àlùfáà wa.

Tí a bá dé orí ọ̀rọ̀ ẹbí, àwọn tó pọ̀ jù ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sí ipò, torí àwọn ló ṣòroó fi dí àlàfo. Tábìlì 26 la ní, àga 10 yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká. Mo fi èèyàn 9 sí tábìlì 24, ìyẹn 216, mo fi tábìlì 2 sílẹ̀ lófìfo nítòsí ẹnu ọ̀nà fún mo-gbọ́-mo-yà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín pé kò ní sí, wọ́n ń bọ̀.

Ẹbí bàbá ìyàwó jẹ́ 23, agboolé 4: ọ̀kan 8, ọ̀kan 6, ọ̀kan 5, ọ̀kan 4. Bí mo bá kàn kà wọ́n ní 9-9-5, màá já agboolé kan sí méjì, ìyẹn sì máa ń di ẹjọ́. Mo so agboolé 5 mọ́ ti 4, wọ́n kún Tábìlì 4. Agboolé 8 wà ní Tábìlì 5, agboolé 6 sì wà ní Tábìlì 6 pẹ̀lú ọmọ ìjọ 3 tí wọ́n ti mọra. Nínú èèyàn 9, ó ku àyè ẹnì kan ní Tábìlì 5. Ìyá Àgbà tó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn wà nínú àwọn 8 yẹn, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú wọn kì í sì í ṣe mọ̀lẹ́bí, ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó lórúkọ rẹ̀ wà. Mo fi orúkọ ìdílé wọn sí òpó B rẹ̀, mo gbé e wá síbẹ̀. Ẹni tó ń gé ẹran fún Ìyá Àgbà, ìdílé wọn ni. Mo ní kí wọ́n yọ àga kan kúrò kí kẹ̀kẹ́ lè wọlé, tábìlì náà sì jìnnà sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

Òpó C, ẹ rọra béèrè lọ́wọ́ àgbà kan ní ìhà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má bi àwọn fúnra wọn. Ẹ sì yọ òpó yẹn kúrò nínú ẹ̀dà tí ẹ máa fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Níbi oúnjẹ, ẹ ya "kò jẹ ẹ́" sọ́tọ̀ sí "kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́". Ẹni tí kò jẹ ẹran màlúù, ẹja tó fún un. Ẹni tí edé tàbí ẹ̀pà ń ṣe ní ibi nílò ìkòkò tirẹ̀ àti ṣíbí tirẹ̀. Fún alátọ̀gbẹ tó ń gba abẹ́rẹ́, ohun tí mo ń kọ ni aago tó gbọdọ̀ jẹun, torí oúnjẹ wa kì í tètè dé.

Ní alẹ́ tó ṣáájú, mo máa ń tẹ ìwé 2 jáde: ti ẹnu ọ̀nà tí a to ní orúkọ, àti ti àwọn alásè tí a to ní tábìlì, tí àwọn "kò gbọdọ̀" nìkan wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló lè sún ènìyàn, òun ló sì ń rìn lọ sọ ọ́ fún alásè lẹ́nu. Kí ẹ sì bi wọ́n lónìí bóyá edé lílọ̀ wà nínú ata ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù wọn. Nínú tiwa, ó wà, ẹnikẹ́ni ò sì sọ ọ́ títí tí mo fi béèrè.