Bí a ṣe ń fi ìbéèrè àtijọ́ pín wákàtí àtúnkà fún ìdánwò ìṣirò Wáẹ́ẹ̀kì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gá. Ọmọbìnrin mi fẹ́ ṣe ìdánwò ìṣirò Wáẹ́ẹ̀kì, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló sì kù. Ó ti ń ṣe ìbéèrè àtijọ́ láti ọdún dé ọdún, ṣùgbọ́n máàkì rẹ̀ kò kúrò níbi tó wà. Báwo la ṣe lè mọ àwọn ẹ̀kọ́ tó máa ń jáde jù, kí ó lè gbájú mọ́ wọn?

Ìdáhùn: Ẹ kú àdúrótì ọmọ, Mà. Ẹ jẹ́ kí ó dá ṣíṣe àwọn ìbéèrè náà dúró fún ọjọ́ méjì, kí ó fi ọjọ́ méjèèjì ka iye máàkì tó wà lórí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Máàkì ni mo wí, kì í ṣe iye ìgbà tí ẹ̀kọ́ náà jáde. Ẹ̀kọ́ kan lè jáde lọ́dọọdún kó má ju máàkì méjì lọ, òmíràn a sì jáde lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ìbéèrè odidi.

Kí kíkà náà tó lè tọ̀nà, ẹ ní láti mọ bí ìdánwò náà ṣe rí. Ìwé kìíní jẹ́ ìbéèrè 50 tí a ti ń yan ìdáhùn, máàkì kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún wákàtí kan àbọ̀. Ìwé kejì jẹ́ wákàtí méjì àbọ̀, máàkì 100 ló sì wà lórí rẹ̀. Apá A rẹ̀ ní ìbéèrè márùn-ún tó jẹ́ dandan, máàkì 40 lápapọ̀. Apá B ní ìbéèrè mẹ́jọ, márùn-ún ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì yàn níbẹ̀, fún máàkì 60. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 150.

Níbí yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà. Wọ́n rí máàkì 12 lórí ìbéèrè Apá B, wọ́n sì gbà pé ó wúwo ju ìbéèrè Apá A tó jẹ́ máàkì 8 lọ. Ṣùgbọ́n mẹ́ta nínú mẹ́jọ ni yóò fi sílẹ̀ láìdáhùn. Nítorí náà, bí ó bá ń kà, kí ó ka ìbéèrè Apá B sí máàkì 7 àbọ̀, torí 60 tí a pín sí ọ̀nà mẹ́jọ nìyẹn, kí ó sì ka ti Apá A sí 8 gẹ́gẹ́ bó ṣe wà. Yóò wá rí i pé àwọn ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ inú Apá A, tí ọ̀pọ̀ ń fojú kéré, ni wọ́n fi díẹ̀ wúwo jù, torí kò sí ẹni tó lè yẹra fún wọn.

Kí ó mú ìdánwò ọdún mẹ́fà tó tẹ̀ léra, kí ó fi tuntun jù lọ pamọ́ láìwò ó, kí ó sì ka márùn-ún yòókù. Tí ìbéèrè kan bá ní abala (a) lórí ẹ̀kọ́ kan tí abala (b) sì wà lórí òmíràn, kí ó pín máàkì rẹ̀ sí méjèèjì. Lẹ́yìn náà, kí ó pín àpapọ̀ ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan sí márùn-ún, kí ó lè mọ iye tó ń kó lọ́dún kan. Kí ó ṣọ́ra fún ìbéèrè tí kò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ ní Nàìjíríà: sílábọ́ọ̀sì gbà kí irú rẹ̀ tó méjì wà nínú Apá B, nítorí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn náà ń kọ ìwé yìí. Kò yẹ kí ó fi wákàtí kankan ṣòfò lórí wọn.

Iye yìí nìkan kò tíì lè pín wákàtí. Ohun tó kù ni iye tí ọmọ náà ń pàdánù lórí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, bí ó bá ṣe àwọn ìbéèrè náà láìwo ìdáhùn, tí ẹlòmíràn sì bá a máàkì. Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀kọ́ mẹ́rin ṣe àpẹẹrẹ, pẹ̀lú iye tí mo kàn fi júwe rẹ̀. Ká sọ pé sìtátísíìkì ń kó máàkì 20 lọ́dún, tí ó sì ń gba 15 níbẹ̀; tirigonọ́mẹ́tírì àti bíárínì ń kó 18, ó ń gba 8; àwọn òfin igun inú òbìrípo ń kó 14, ó ń gba 3; lọ́gáríítìmù ń kó 9, ó ń gba 5. Àdánù rẹ̀ jẹ́ 5, 10, 11 àti 4, àpapọ̀ rẹ̀ 30.

Tí ó bá ní wákàtí 10 lọ́sẹ̀, wákàtí 60 ló ní. Kí ó yọ 12 sọ́tọ̀ fún ìdánwò odidi mẹ́ta pẹ̀lú aago, kí 48 kù. Bí ó bá pín 48 yìí gẹ́gẹ́ bí àdánù ti pọ̀ tó, òbìrípo yóò gba nǹkan bíi wákàtí 17 àbọ̀, bíárínì 16, sìtátísíìkì 8, lọ́gáríítìmù 6 àbọ̀. Bí ó bá tẹ̀ lé ohun tó ń jáde jù nìkan, nǹkan bíi 16 ni ìbá fún sìtátísíìkì, èyí tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo gbà pé ohun tó ń dá máàkì rẹ̀ dúró lójú kan nìyẹn: ọmọ a máa padà sórí ohun tó dùn ún ṣe.

Ẹ má tíì fún bíárínì ní wákàtí 16 náà, ẹ wo ibi tí àdánù ti wá ná. Wo ìbéèrè yìí: ọkọ̀ ojú omi kan lọ láti P dé Q, kìlómítà 8, ní bíárínì 060°, ó sì lọ láti Q dé R, kìlómítà 6, ní bíárínì 150°, báwo ni P ṣe jìnnà sí R tó? Ọmọ tó bá kọ 150° sínú onígun mẹ́ta náà gẹ́gẹ́ bí igun Q yóò rí nǹkan bíi kìlómítà 13 àbọ̀. Láti Q, P wà ní bíárínì 240°, torí náà igun Q jẹ́ 240 dín 150, ìyẹn 90°, ìdáhùn sì jẹ́ kìlómítà 10. Ọmọ yìí mọ fọ́múlà dáadáa. Kíka igun láti àríwá ni kò mọ̀. Wákàtí mẹ́rin tó ń ya àwòrán nìkan lè tó fún un, kí èyí tó kù nínú 16 náà lọ sórí òbìrípo. Ìròyìn àwọn olórí olùdánwò, tí Wáẹ́ẹ̀kì gbé sórí ìkànnì waeconline.org.ng, máa ń tọ́ka sí irú àṣìṣe báyìí ní ìbéèrè sí ìbéèrè. Ẹ jẹ́ kí ó kà á pa pọ̀ mọ́ ìwé tí ó rà, nítorí àwọn ìdáhùn inú ìwé ọjà kì í fi gbogbo ìgbà tọ̀nà.

Ìkàyé yìí kò lè sọ ìbéèrè tó ń bọ̀. Ìwé kìíní ń nawọ́ kan gbogbo sílábọ́ọ̀sì, nítorí náà, ẹ̀kọ́ tí kò fi bẹ́ẹ̀ wúwo náà gbọ́dọ̀ rí wákàtí kan tàbí méjì gbà. Nínú Apá B pẹ̀lú, kí ó múra fún ẹ̀kọ́ mẹ́fà tàbí méje, kì í ṣe márùn-ún péré, kí ẹ̀kọ́ kan tí kò jáde má bàa fi í sílẹ̀ lófo.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹrin ni kí ó ṣí ìdánwò tí ó fi pamọ́. Kí ó ṣe é pẹ̀lú aago, kí ó sì tún ka àdánù rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ sí ẹ̀kọ́. Tí òbìrípo bá ti kúrò ní 3 dé 9 nínú 14, àdánù rẹ̀ ti di 5, wákàtí tó kù kò sì gbọ́dọ̀ máa lọ síbẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Tí kò bá kúrò ní 3 lẹ́yìn wákàtí mẹ́wàá, kí ó mú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ lọ bá olùkọ́ rẹ̀ kí ó tó lo wákàtí kan sí i.