Ẹ̀yìn Fíríìjì Gbóná, Inú Rẹ̀ Kò Tutù: Ṣé Gáàsì Ló Tán?

*Ẹ̀gbọ́n, láti ìgbà tí a ti kó dé ilé tuntun ní Apátá ni fíríìjì wa kò ti tutù dáadáa mọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ sì gbóná gan-an. Ẹni tó wá wò ó ní gáàsì ló tán. Ṣé kí a sanwó?*

Ẹ má tíì sanwó. Ẹ̀yìn tó ń gbóná yẹn gan-an ló fi hàn pé gáàsì ṣì wà níbẹ̀. Ká ní ó ti jò tán ni, mọ́tò á máa kùn, àmọ́ àwọn irin wẹ́wẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní gbóná.

Ooru inú oúnjẹ ni fíríìjì ń kó síta. Ẹ rántí òwú onísípíríìtì tí nọ́ọ̀sì fi ń nu apá kó tó gún abẹ́rẹ́: bí sípíríìtì yẹn ṣe ń gbẹ ló ń fa ooru lára yín, tí ibẹ̀ ń tutù. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú fírísà. Gáàsì R134a, tó wà nínú ọ̀pọ̀ fíríìjì wa, kì í pẹ́ hó rárá. Bí a bá tú u sí gbangba, òtútù tó fi ìwọ̀n 26 rẹlẹ̀ ju òdo lọ ló ti ń hó. Nítorí náà, tó bá ṣàn dé páìpù fírísà, ooru ọbẹ̀ yín ti tó láti mú un hó. Ó di atẹ́gùn, ó gbé ooru náà lọ.

Kọ̀mpírésọ̀, ìyẹn mọ́tò tó ń kùn yẹn, á wá fún un pọ̀. Ẹni tó bá ti fi páǹpù fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ mọ̀ pé ìdí páǹpù máa ń gbóná. Bí gáàsì náà ṣe ń gbóná nìyẹn. Ó sì gbọ́dọ̀ gbóná ju inú ilé lọ. Bí ọ̀sán Ìbàdàn bá mú ilé gbóná tó 33, ó yẹ kí gáàsì tó bíi 45 kí ooru tó lè bọ́ lára rẹ̀ sínú afẹ́fẹ́. Tí ooru bá ti bọ́, ó di olómi padà, ó gba páìpù tín-ín-rín kan kọjá, ó tún wọ fírísà. Gáàsì kan náà ló ń yí po. Kì í tán bíi ti ìdáná, àfi bó bá rí ibi jò.

Ògiri ni mo fura sí nílé yín. Ní Mọ́kọ́lá, mo bá fíríìjì kan tí wọ́n tì mọ́ kọ̀rọ̀, ó kù díẹ̀ kó fara kan ògiri. Mo fi tẹmómítà sínú ife omi láàárín rẹ̀. Láàárọ̀, ó ka 13. A yọ iná rẹ̀, a fà á síwájú ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, a fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku àti okùn aláǹtakùn lára irin rẹ̀. A kò fọwọ́ kan gáàsì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ife omi náà ka 4.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ti yín kò bá ní irin lẹ́yìn, inú ara rẹ̀ lápá ọ̀tún àti òsì ni páìpù wà, ẹ fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀ náà. Ẹ fún un ní odindi ọjọ́ kan. Bí kò bá tutù síbẹ̀, ẹ ṣí fírísà: bó bá jẹ́ igun kan ṣoṣo ni yìnyín lẹ̀ mọ́, tí ìyókù gbẹ, gáàsì ti dínkù lóòótọ́. Kí oníṣẹ́ kọ́kọ́ fi ìfóòfó ọṣẹ wá ibi tó ń jò, kó dí i, kó tó rọ òmíràn sí i.