Ohun tó yẹ kó ṣáájú nínú fídíò tí wọ́n ní kó o fi wáṣẹ́

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹnjíò kan tí ọ́fíìsì wọn wà l'Ábújá ní kí n ṣe fídíò ìṣẹ́jú kan tí n ó fi sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Iṣẹ́ sítọ́ọ̀ oògùn ni. Ọdún 4 ni mo fi tọ́jú sítọ́ọ̀ ní Kánò, páálí tí ọjọ́ rẹ̀ ń kọjá mọ́ wa lọ́wọ́ sì dín kù láti bíi 40 lọ́dún sí 6. Mo gbọ́ Haúsá dáadáa. Ṣé kí n kàn ka síífíì mi síta ni? Kí ló yẹ kó ṣáájú?"

Má ka síífíì kankan, àbúrò. Síífíì yẹn ti wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ páálí 40 tó di 6 ni kó ṣáájú, torí kò sí ẹlòmíì tó lè sọ ọ́.

Ojú mi ti rí nǹkan lórí ọ̀rọ̀ fídíò yìí. Iṣẹ́ àbójútó ọkọ̀ ni mò ń wá nígbà náà, wọ́n sì júwe ọ̀gbẹ́ni kan fún mi ní Wúsè tó pe ara rẹ̀ ní ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ká múni yọ lójú agbanisíṣẹ́. Ó gbowó, ó kọ òyìnbó tó wú bí àkàrà fún mi: pé mo jẹ́ ẹni tí ìtara àṣeyọrí ń jó lọ́kàn rẹ̀, pé mo lè bá ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́ níbikíbi. Mo bi í pé ọkọ̀ dà nínú ọ̀rọ̀ yìí, pé èmi ni mo ṣètò tí ọkọ̀ ilé iṣẹ́ wa kò fi dákú sọ́nà Lọ́kọ́já mọ́. Ó ní ìyẹn wà nínú síífíì. Ó ní kí n wọ kóòtù àti táì, Nẹ́pà ti mú iná lọ, òógùn ń ṣàn wọ ọrùn mi, ó sì tún fi orin dùùrù sábẹ́ ohùn mi. Nígbà tí mo fẹ́ fi fídíò náà ránṣẹ́, ó tóbi ju èyí tí ojú ìwé wọn ń gbà lọ. Mo gbé e lọ sílé kọ̀ǹpútà ní Kúbùwà kí wọ́n bá mi dín in kù. Nígbà tó fi máa wọlé, ojú mi inú rẹ̀ ti rí bí ẹni tó wà lẹ́yìn gíláàsì tó kún fún òjò. Nígbà tí wọn ò pè mí, mo pe ọ́fíìsì náà láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, akọ̀wé wọn ní àwọn kì í sọ ìdí fún ẹnikẹ́ni, ó sì já fóònù. Ẹ ní ká ṣe fídíò, ẹ ò lè sọ ohun tẹ́ ẹ rí níbẹ̀!

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tó ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣa irú fídíò bẹ́ẹ̀ ló là mí lójú. Ó ní orí fóònù ni òun ti ń wò ó nínú ọ́fíìsì, òun á sì ti pa ohùn rẹ̀ kó má bàa dí ẹlòmíì lọ́wọ́. Tí gbólóhùn kejì bá ṣì ń sọ ilé ẹ̀kọ́ àti ọdún tí wọ́n bíni, òun ti fọwọ́ tì í kọjá nìyẹn.

Òyìnbó ni wàá fi sọ ọ́ o, àmọ́ Yorùbá ni n ó fi to egungun rẹ̀ fún ọ:

"Orúkọ mi ni Lágbájá, iṣẹ́ ìtọ́jú sítọ́ọ̀ oògùn ni mò ń wá. Nígbà tí mo dé sítọ́ọ̀ tí mo ti kúrò ní Kánò, páálí bíi 40 ni ọjọ́ rẹ̀ ń kọjá lọ́dún. Lọ́dún tó kẹ́yìn, 6 péré ni. Mo to ọjà kí èyí tí ọjọ́ rẹ̀ máa kọ́kọ́ kọjá lè kọ́kọ́ jáde, mo kọ oṣù àti ọdún gàdàgbà sára páálí, a sì ń ka ọjà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí kádì tí a ń kọ iye ọjà sí àti ohun tó wà lórí pẹpẹ kò bá bára mu, ọjọ́ náà ni mò ń wá ìdí rẹ̀. Haúsá ni mo fi ń bá àwọn agbẹ́rù àti awakọ̀ sọ̀rọ̀. Mo lè lọ sí Màìdúgùrì, mo sì lè bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀."

Mo fojú inú wo bó o ṣe to ọjà yẹn ni, àti ọ̀rọ̀ Màìdúgùrì pẹ̀lú oṣù tó ń bọ̀. Ohun tí ìwọ ṣe gan-an ni kó o fi rọ́pò rẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n máa ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè ọ́. Wọ́n á bi ọ́ pé 40 nínú páálí mélòó? Bó bá jẹ́ pé ọjà tó ń wọlé ló dín kù, ó dájú pé èyí tó ń bàjẹ́ náà á dín kù, kò sí ọgbọ́n rẹ níbẹ̀. Wá iye ọjà tó wọlé lọ́dún méjèèjì, kó o mọ̀ ọ́n sórí. Iye tí ó bà jẹ́ nínú gbogbo ohun tó wọlé ni kó o fi wéra. Kí o sì ya "mo" sọ́tọ̀ kúrò lára "a". Tó bá jẹ́ ọ̀gá rẹ ló ní kẹ́ ẹ máa kà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, sọ pé a bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, kó o wá sọ pé ọwọ́ mi ni ìwé ìkọsílẹ̀ rẹ̀ wà.

Nípa gígùn rẹ̀, ẹni tó bá ń sọ òyìnbó bó ṣe yẹ kì í sọ ju ọ̀rọ̀ 130 sí 150 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Kọ ọ́ bíi 130, kà á sókè pẹ̀lú aago fóònù. Bó bá kọjá àkókò, gé ọ̀rọ̀ kúrò, má sáré. Ilé ẹ̀kọ́ ni kó o kọ́kọ́ gé, lẹ́yìn náà "aláápọn" àti gbogbo àwọn ẹbí rẹ̀. Ìdí tó o fi kúrò ní Kánò kò sí nínú fídíò rárá. Tí wọ́n bá bi ọ́, o máa dáhùn.

Yíyà á kò le: kọjú sí fèrèsé, gbé fóònù síbi tó ga dé ojú rẹ, lo máìkì yíápíìsì, kí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wà ní pípa. Kọ ohun tó ò ń sọ sísàlẹ̀ fídíò, pàápàá 40 àti 6, kí ẹni tí kò ṣí ohùn lè rí i. Kó o tó ya ohunkóhun, wo bí fáìlì tí wọ́n ń gbà ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó. Tó bá jẹ́ Wásáàpù ni, fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì. Bó o bá fi ránṣẹ́ bíi fídíò lásán, Wásáàpù máa dín in kù, yóò sì bà á jẹ́.

Má lọ yà á nínú sítọ́ọ̀ àtijọ́ yẹn o. Orúkọ oníbàárà àti iye owó ọjà máa hàn lára wébíìlì tó wà lẹ́yìn rẹ, agbanisíṣẹ́ tó bá rí i á sì mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ lo ṣe máa tú àṣírí tòun náà. Má sọ nọ́ńbà NIN rẹ tàbí àdírẹ́sì ilé. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kó o sanwó fọ́ọ̀mù lẹ́yìn tó o ti fi fídíò ránṣẹ́, má dá a lóhùn mọ́. Irú wọn pọ̀ l'Ábújá níbí bí iyanrìn.

Haúsá tó o bèèrè: má kàn sọ pé o gbọ́ ọ. Sọ gbólóhùn kan tó o máa ń sọ fún agbẹ́rù, kó o kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sísàlẹ̀. Tó o bá ti kọ ọ̀rọ̀ náà tán, gbé e síbí, yọ orúkọ rẹ àti ti ilé iṣẹ́ kúrò, ká bá ọ gé e.